Snipe-IT fún láptọ́ọ̀pù, fóònù àti láísẹ́ǹsì ọ́fíìsì: ẹ ṣọ́ ọjọ́ wáráńtì

Ó ti lé ní ọdún méjì tí a ti ń fi Snipe-IT tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹrù ọ́fíìsì wa ní Ìlọrin, èmi ni mo sì ń bójú tó o. Láptọ́ọ̀pù wa jẹ́ 31. Fóònù tí àwọn tó ń lọ bá àgbẹ̀ lóko ń lò jẹ́ 18. Díẹ̀ nínú wọn wà ní ẹ̀ka wa ní Ọ̀fà, díẹ̀ sì wà ní Òmù-Àrán. Tẹ́lẹ̀, inú fáìlì Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni mẹ́ta ló ní ẹ̀dà fáìlì yẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú kò sì bá ti ẹnì kejì mu. A rí láptọ́ọ̀pù kan tó ṣì wà lórúkọ ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ.

Ọ̀fẹ́ ni Snipe-IT bí ẹ bá gbé e sórí sáfà tiyín. Owó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn tó ṣe é bá òun gbé e sórí tiwọn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú ọ́fíìsì la kọ́kọ́ gbé e sí, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ ní Ìlọrin, àwọn ará Ọ̀fà ò ní rí nǹkan kan mọ́. A wá háyà sáfà kékeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yẹn sì parí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni `Checkout`. Bí mo bá fún ẹnì kan ní ẹrù, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á wọlé. Bó bá dá a padà, mo ṣe `Checkin`, àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá kò sì ní pa rẹ́. Nígbà tí ojú fóònù kan fọ́ ní Ọ̀fà, tí àwọn méjì ń ta á síra wọn, ìṣẹ́jú kan ni mo fi mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Fún fóònù, nọ́ńbà IMEI tó ń jáde bí ẹ bá tẹ `*#06#` la fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Èyí tó ń lo síìmù méjì máa ń ní méjì, ẹ kọ méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni wáráńtì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2023, a ra láptọ́ọ̀pù tuntun mẹ́rin lọ́wọ́ oníṣòwò kan nínú ìlú. Wáráńtì ọdún kan ló sọ fún wa. Snipe-IT kì í béèrè ọjọ́ tí wáráńtì máa parí. `Purchase Date` àti iye oṣù tí ẹ bá kọ sí `Warranty` ló fi ń ṣírò rẹ̀. Mo kọ 12, ó sọ pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, ojú ọ̀kan tó wà ní Òmù-Àrán bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà gbọọrọ, kò sì jábọ́, omi ò kàn án. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe fún iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ nọ́ńbà sérià rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, láti ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ni wáráńtì ẹ̀ ti parí."

Àṣé ọjọ́ tí ẹrù kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà nínú ìwé tiwọn. Ó ti wà nínú páálí fún bí oṣù mẹ́rin kó tó dé ọwọ́ wa. Ó ní wọ́n lè bá wa tún ọjọ́ náà ṣe bí rìsíìtì bá wà tó ní ọjọ́ tí a rà á àti nọ́ńbà sérià lórí. Tiwa kàn kọ "láptọ́ọ̀pù mẹ́rin" ni. ₦85,000 ni a fi pààrọ̀ ojú yẹn, Àlàájà tó ń ṣe ìṣirò owó wa kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Mi ò kọ iye oṣù tí oníṣòwò bá sọ mọ́. Mo máa ń tẹ nọ́ńbà sérià sí ojú ìwé wáráńtì iléeṣẹ́ tó ṣe ẹrù náà, mo sì ń ka iye oṣù tó pé láti ọjọ́ tí a rà á dé ọjọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀. Fún àwọn mẹ́rin yẹn, láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá jẹ́ oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ mẹ́fà. Mo kọ 8, Snipe-IT sì gbé e sí ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá. Ó fi ọjọ́ mẹ́fà yá ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sàn ju kó pẹ́ lọ. Ìlérí oníṣòwò, mo kọ ọ́ sí `Notes`.

Ẹ má da nọ́ńbà sérià kọ láti ara bébà ìdí láptọ́ọ̀pù. Òdo àti lẹ́tà O ti dà rú mọ́ wa lọ́wọ́ rí. Lórí Wíńdò, inú PowerShell ni kí ẹ ti mú un:

```
Get-CimInstance Win32_BIOS | Select-Object SerialNumber
```

Bó bá jẹ́ pé `To be filled by O.E.M.` ló jáde lára tókúnbọ̀, kò sí nọ́ńbà gidi nínú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà mìíràn, mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n ti pààrọ̀. Mi ò ń kọ wáráńtì kankan fún irú ẹ̀.

Snipe-IT lè fi ímeèlì ránṣẹ́ bí wáráńtì tàbí láísẹ́ǹsì bá ń lọ sí òpin, ọgọ́ta ọjọ́ la sì ní kó máa fi ṣáájú. Oṣù mẹ́ta kọjá, ímeèlì kan ò wá, mo sì rò pé kò tíì sí èyí tó kù díẹ̀ kó parí ni. Àṣé a ò fi iṣẹ́ tó yẹ sínú cron, ohun tó ń mú iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ lákòókò lórí sáfà wa. Ìlà yìí ló yẹ kó wà níbẹ̀:

```
* * * * * cd /var/www/snipe-it && php artisan schedule:run >> /dev/null 2>&1
```

Láti mọ ibi tí ìṣòro wà, ẹ wá ẹrù kan tí wáráńtì rẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹ wọ inú `/var/www/snipe-it`, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tẹ `php artisan snipeit:expiring-alerts`. Bí ímeèlì bá dé, cron ni kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá dé, ẹ lọ wo ètò ímeèlì yín.

Láísẹ́ǹsì ni mo rò pé kò ní ní wàhálà, ó sì ṣe dáadáa lóòótọ́. Áńtífáírọ́ọ̀sì wa jẹ́ ti ẹni 40. Nígbà tí àkókò àtirà á lẹ́ẹ̀kan sí i tó, mo wò ó, mẹ́fà wà lórúkọ àwọn tó ti lọ, mẹ́ta kò sì tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. A ra ti ẹni 31. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé ìwé lásán ni Snipe-IT jẹ́ níbí. Bí ẹ bá yọ orúkọ ẹnì kan kúrò lórí rẹ̀, ètò náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún, àfi kí ẹ lọ yọ ọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí a tún fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù méjì mìíràn lọ́dún tó kọjá, mo ní kí oníṣòwò jẹ́ kí n wo nọ́ńbà tó wà lára páálí kí n tó sanwó. Orí fóònù mi ni mo ti tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló kù fún èyí àkọ́kọ́. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé páálí méjì mìíràn wá, ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣì ní oṣù mọ́kànlá. Mo ní kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí rìsíìtì, ó kọ wọ́n, mo sì ya rìsíìtì náà ní fọ́tò sínú Snipe-IT kí n tó gun ọ̀kadà padà sí ọ́fíìsì.