Owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́: ṣé kí a fi san gbèsè ilé ṣáájú àkókò ni, àbí kí a fi dókòwò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Mọsàn, ẹ̀yin olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí àríásì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi tẹ ₦500,000 lọ́nà bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ṣì jẹ báńkì ní gbèsè lórí ilé tí mo rà ní Ọ̀bàntokò. Ìyàwó mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní kí n gbé e lọ san gbèsè. Àbúrò mi ní kí n fi ra bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn ni pé kí n yá ìjọba lówó, kó máa san èlé fún mi. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nídìí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má baà pàdánù owó níbi tí mo ti pàdánù tèmi.

Èlé orí gbèsè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ owó ilé ti ìjọba àpapọ̀ lẹ yá, èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù tí ẹ sì ń rí NHF lórí ìwé owó oṣù yín, èlé 6% lọ́dún ni wọ́n fi ń yá ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá fi ₦500,000 dín irú gbèsè yẹn kù, ₦30,000 péré ni èlé tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀ ní ọdún kìíní. Ká ní bọ́ǹdì ń san 15%, owó kan náà á mú ₦75,000 wá. Ẹni tó wà nípò yìí, kó lọ ra bọ́ǹdì. N kò ní bá a jiyàn rárá.

Gbèsè báńkì ló yàtọ̀. Báńkì lè fi owó rẹ̀ yá ìjọba láìsí ewu kankan, nítorí náà kò ní yá èmi àti ẹ̀yin ní iye tó kéré sí èyí tí ìjọba ń san fún un. Ìyẹn ló fà á tó fi ṣòro kí bọ́ǹdì tó lérè ju èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, èlé báńkì kì í dúró sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2022, 11.5% ni èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà owó. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5%. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra ni lẹ́tà ń tẹ àwa tí a jẹ gbèsè lọ́wọ́. Bọ́ǹdì tí ẹ ti rà ní tiẹ̀, iye tí wọ́n kọ sí i lọ́jọ́ tí ẹ rà á ni yóò máa san títí tí yóò fi parí. Tí èlé gbèsè bá gòkè tí ti bọ́ǹdì dúró, ẹ̀yin lẹ wà láàárín.

Gbèsè tèmi kù ₦5,000,000, èlé rẹ̀ jẹ́ 24%, oṣù 120 ló kù, ₦110,240 ni mo sì ń san lóṣooṣù. Nínú ₦110,240 ti oṣù àkọ́kọ́, èlé nìkan gba ₦100,000. ₦10,240 péré ló kan ojú owó, ìyẹn owó tí mo yá gan-an. Tí a bá gé ₦500,000 kúrò lára ojú owó tí mo sì ń san iye kan náà lọ, oṣù 86 ni gbèsè náà á fi parí. Oṣù 34 á fò kọjá, owó tí n kò ní san mọ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦3,800,000. Lóòótọ́, iwájú lọ́hùn-ún ni owó yẹn wà, náírà ìgbà yẹn kò sì ní rà tó ti òní. Ẹ kúkú fi ọdún kìíní nìkan wọ̀n ọ́n: ₦120,000 èlé tí ẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sí ₦75,000 tí bọ́ǹdì á san.

Mo gbé owó náà lọ sí báńkì. Mo san án sínú àkáǹtì tí wọ́n ti ń yọ owó gbèsè, mo sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí káńtà pé gbèsè ilé ni mo fẹ́ fi dínkù, ó ní kò sí wàhálà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọn kò fọwọ́ kan owó oṣù mi. Inú mi dùn, mo sì ń ná an. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n yọ ₦51,200. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ gba ìwé àkáǹtì gbèsè náà.

Mo jókòó sínú mọ́tò ní Pànṣẹ́kẹ́, mo ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú owó tó jẹ́ ₦5,000,000 ti di nǹkan bíi ₦4,946,700. ₦500,000 mi kò gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Ṣe ni wọ́n fi í sílẹ̀ nínú àkáǹtì, tí wọ́n ń yọ ₦110,240 nínú rẹ̀ lóṣooṣù bíi pé mo san oṣù tí kò tíì tó sílẹ̀, èlé sì ń gun orí ojú owó bó ṣe ń gùn ún tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí owó mi. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí mo sọ ní káńtà, ìwé ló mọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà gbèsè náà sí i, iye tí ẹ fẹ́ san, àti pé ojú owó ni kí wọ́n fi dínkù. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ nínú ọ̀nà méjì: kí iye oṣooṣù dínkù, tàbí kí iye oṣooṣù dúró kí oṣù tó kù dínkù. Èkejì ló ń gba èlé tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún yín, kí wọ́n sì tẹ ètò ìsanwó tuntun. Bí iye oṣù tó wà nísàlẹ̀ ètò náà kò bá yí padà, wọn ò tíì ṣe é. Ẹ wo ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú, torí àwọn kan máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ san ṣáájú àkókò.

Ìdókòwò ní ibi tó ti dáa ju sísan gbèsè lọ. Bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kò ju ₦5,000 lọ láti bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ lè tà á tí àìsàn bá dé, ṣùgbọ́n owó tó ti wọnú ilé kò ṣeé fà yọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí owó ìnáwó oṣù mẹ́ta kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Ṣíà ilé iṣẹ́, n kò fi wé gbèsè; ẹni tí ojú rẹ̀ gbà á ni kó ṣe é.

Ẹni tí èlé gbèsè rẹ̀ kéré tí kò sì lè yí padà, ọjà bọ́ǹdì ni kó gbà lọ. Àwa tó kù, tí báńkì lè kọ lẹ́tà sí nígbàkigbà, mi ò rí ìdókòwò tí ọkàn èèyàn fi í balẹ̀ tó 24% tí ẹ kò ní san mọ́.

Nígbà tí mo kó àjọ mi, ₦300,000, lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sí báńkì, owó tẹ̀ lé e. Oṣù 115 ló kù lọ́jọ́ yẹn. Ètò tuntun tí wọ́n tẹ̀ fún mi, oṣù 94 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ló kà á sókè ní pálọ̀.