Ìdánwò inú họ́ọ̀lù àbí asáínmẹ́ǹtì àtilé?

Ìdánwò wákàtí méjì nínú họ́ọ̀lù, ó kéré tán a rí ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò yá, ìbéèrè kẹrin á kàn dúró sí ìlà mẹ́ta, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n o. Asáínmẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ̀ látilé máa ń fi hàn bóyá ọmọ lè wá ìwé kó sì tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ta ló tẹ̀ ẹ́? Ọmọ kan kọ nípa owó oṣù òṣìṣẹ́, mo ní kí ló dé tó lo mídíánì dípò áfírééjì, ó ní "sà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é." Àwọn wo ni "wọ́n"?

Tó bá jẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, họ́ọ̀lù ni, kí ìbéèrè má pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ìwádìí ọlọ́sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é nílé, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún bi wọ́n léèrè lójúkojú.