Terrain inú Godot 4: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Èmi ni mo máa ń to táìlì sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya lẹ́fẹ̀lì gémù wa. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan bá fẹ́ gbẹ́ adágún omi sáàárín koríko, ọwọ́ ló fi máa ń mú táìlì etí àti ti igun níkọ̀ọ̀kan, tó bá wá ní kóun sún adágún yẹn sọ́tùn-ún díẹ̀ báyìí, á tún gbogbo etí ẹ̀ tò. Ní báyìí tá a ti ń lo Terrain, ohun tí Godot, ẹ̀rọ tá a fi ń ṣe gémù, fi ń bá èèyàn yan táìlì etí, wọ́n kàn ń fi mọ́ọ̀sì fa koríko lọ ni, etí ń to ara ẹ̀.

Nínú Inspector ti TileSet, ìyẹn àkójọ táìlì wa, mo fi ọ̀kan kún Terrain Sets, mo yan Match Corners and Sides, mo dá koríko sílẹ̀. Ó parí, kò le. Paint, níbi tá a ti ń kun ojú táìlì láti sọ ohun tó jẹ́, niṣẹ́ wà. Táìlì kọ̀ọ̀kan pín sí ojú mẹ́sàn-án, ti àárín ń sọ pé koríko lòun, mẹ́jọ tó yí i ká ń sọ irú aládùúgbò tóun ń retí. Mẹ́jọ yẹn lè tò ní ọ̀nà 256, àmọ́ igun ò já mọ́ nǹkan kan tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kàn án ò bá jẹ́ koríko, ìdí nìyẹn tó fi ku táìlì 47 péré. 47 ọ̀hún náà ò kéré ṣá, ayàwòrán wa bínú sí mi.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Táìlì igun inú kan wà, koríko kún un àfi kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún tí omi ti yọjú. Oorun ń kùn mí, mo kun kọ̀rọ̀ yẹn náà ní koríko nínú Paint. Lójú Godot, táìlì yẹn àti táìlì koríko tó kún dẹ́nu ti wá di ìbejì, tí méjì bá sì jọra báyẹn, ṣe ló máa ń ṣà wọ́n lò bó ṣe wù ú. Làwọn èèyàn mi bá ń rí omi tín-ín-rín káàkiri àárín pápá, wọ́n rò pé àwòrán ló bàjẹ́, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a! Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán, Paint ni kẹ́ ẹ lọ wò, kẹ́ ẹ pa ojú kan yẹn rẹ́.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé kì í kìlọ̀ tí táìlì kan bá sọnù, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa gbé síbẹ̀. Match Corners fúyẹ́ jùyẹn lọ, táìlì mẹ́rìndínlógún péré, àmọ́ ọ̀nà tóóró tó fẹ̀ tó táìlì kan kì í jáde dáadáa níbẹ̀.

Kí n tó gbé TileSet fún ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ń kun koríko táìlì 5 sí 5, máa wá pa táìlì kan àárín rẹ́. Igun inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, igun ìta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà á yọ, èyí tó bá wọ́ nínú wọn, ojú mi á rí i kíá. Mo fún Terrain ní máàkì 4 nínú 5.