Ilé iṣẹ́ olóòtú kan ní Yábàá: iṣẹ́ ìkẹyìn ni wọ́n kọ́kọ́ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi

Ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí mo kọ rèé, ojú ewé 212, lórí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Balógun. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ojú ewé mélòó ni. Kò ṣí i wò. Ó ní, "Púrúùfù ló kù fún yín, mà," ó sì gba 85,000 náírà fún kíkà ìkẹyìn tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo lọ gbà á. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà mọ́: kò sí àmì ohùn tó ṣìnà, kò sí "Sade" kan tí wọn ò sọ di "Ṣadé." Inú mi ń dùn ni Àǹtí kan tó jẹ́ olóòtú àgbà bá kọjá. Ó ṣí orí kìíní lórí ìdúró, ó jókòó, ó kà á dé orí karùn-ún.

"Àbúrò, ta ló ní kí wọ́n ṣe púrúùfù fún èyí?"

Ó ní orí karùn-ún, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti jó, ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìdílé ni gbogbo ojú ewé 61 tó ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn, iṣẹ́ olóòtú tó ń tún ètò ìtàn ṣe ni. Ṣadé sì jẹ́ ọmọ ọdún 12 ní orí kejì. Ọdún mẹ́ta kọjá, ó di 17 ní orí kẹsàn-án. Olóòtú gbólóhùn ló ń mú irú ìyẹn, torí òun ló ń kọ ọjọ́ orí, orúkọ àti bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan bó ṣe ń kà á lọ. Púrúùfù ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti to ojú ewé tán fún ìtẹ̀wé, kí ó lè mú àṣìṣe tó ṣẹ́kù àti ohun tí títò bà jẹ́: nọ́ńbà tó sọnù, àkọlé tó dá wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Tí mo bá gé 61 yẹn, owó tí mo san lórí wọn ti wọgbó, gbogbo ohun tuntun tí mo bá sì kọ, ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Àǹtí yìí fún mi ní wákàtí méjì láìgba kọ́bọ̀. Ó ní kí n kọ ìlà kan fún orí kọ̀ọ̀kan: kí ni ìyá náà ń wá, kí ló yí padà? Ní orí kejì àti ìkẹta, mi ò rí nǹkan kan kọ sí ìbéèrè kejì. Fúnra mi ni mo rí i. Ó ní kí n tún ìyẹn ṣe ná, kí n fún èèyàn mẹ́ta kà, kí n tó sanwó olóòtú ètò. Lẹ́tà gígùn nípa ìtàn náà ni irú olóòtú bẹ́ẹ̀ máa ń dá padà. Tó bá jẹ́ pé kọ́mà nìkan ló tún ṣe, iṣẹ́ mìíràn ló ṣe.

Ọ̀gá wọn kọ̀ láti dá owó padà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọjọ́ Ajé ni mò ń gbé orí karùn-ún, tó ti di orí kìíní, lọ fún Àǹtí.