Àgbéyẹ̀wò: ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè òṣìṣẹ́ láti inú àkójọ dátà ilé-iṣẹ́, àti ibi tí ààlà rẹ̀ yẹ kó wà

Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí akọ̀wé ilé-ìkẹ́rù wa ní Òṣogbo tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó ń ṣètò ìnáwó ẹ̀ka rẹ̀, ó sì béèrè pé, “Èló ni ìpíndọ́gba owó oṣù ní ẹ̀yà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Òṣogbo?” Ẹ̀rọ náà to ìdáhùn fún un lẹ́sẹẹsẹ: awakọ̀, atajà, òṣìṣẹ́ ilé-ìkẹ́rù, apoògùn. Awakọ̀ pọ̀ níbẹ̀, atajà náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n apoògùn kan péré la ní ní Òṣogbo. Bí èèyàn bá wá ìpíndọ́gba owó oṣù ẹnì kan, owó oṣù ẹni náà gan-an ni yóò rí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹ̀ka náà ti mọ iye tí obìnrin apoògùn náà ń gbà. Ó pè mí, ohun àkọ́kọ́ tó sì sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún wọn?” Èmi ni mo ń tọ́jú àkójọ dátà ilé-iṣẹ́ wa, tí a ti ń pín oògùn fún àwọn ilé ìtajà láti Ìbàdàn, nítorí náà èmi ló yẹ kó bi. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti bínú, nítorí owó oṣù òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, èyí tó di òfin ní ọdún 2023, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ pa mọ́ dáadáa.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà fún wa. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé ìpè mi bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ ló tún dá kún ìbínú mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. A ti kọ ọ́ sínú ìtọ́ni ẹ̀rọ pé kò gbọdọ̀ fi owó oṣù ẹnikẹ́ni hàn. Kò sì fi hàn, ìpíndọ́gba ló fi hàn.” Mo bi í pé àkáǹtì wo ni ẹ̀rọ náà fi ń wọ inú àkójọ dátà wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n dúró, ó lọ bi ẹlòmíràn, ó sì padà wá sọ pé èyí tí wọ́n fi ṣe ìfisórí ni. Mo ṣí àkọsílẹ̀ PostgreSQL, ètò tí a fi ń tọ́jú àkójọ dátà wa, wò, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ: àkáǹtì tó ni gbogbo àtẹ ni. Ẹ̀rọ tí akọ̀wé ilé-ìkẹ́rù ń bá sọ̀rọ̀ lè ka owó oṣù, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àwọn oníbàárà àti àdírẹ́sì ilé gbogbo wa. Àkáǹtì yẹn tilẹ̀ ní àṣẹ láti pa àtẹ kan rẹ́ pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín ni gbólóhùn tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró sí kó rò ó. Ẹ̀rọ náà máa ń yí ìbéèrè èèyàn padà sí SQL, èdè tí a fi ń bá àkójọ dátà sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń fi SQL yẹn béèrè lọ́wọ́ àkójọ dátà. Ìtọ́ni tí wọ́n kọ fún un lè darí irú SQL tí yóò kọ, ṣùgbọ́n kò lè dá SQL dúró nígbà tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àkójọ dátà. Bí èèyàn kò bá rí owó oṣù gbà, ó lè béèrè ìpíndọ́gba, tàbí iye tó ga jù lọ, tàbí kí ó béèrè àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn ju iye báyìí lọ, kó sì máa gbé iye náà sókè díẹ̀díẹ̀. Àní ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kan kọ sínú àyè àlàyé lórí ìbéèrè ọjà rẹ̀ lè di ìtọ́ni tuntun fún ẹ̀rọ nígbà tó bá kà á. Ẹni tó lè sọ “rárá” tí kò sì ní yí ohùn padà ni àkójọ dátà fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ àṣẹ tí a fún àkáǹtì tó ń wọlé.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo sì sọ pé a ó dá àdéhùn dúró. Bí wọ́n ṣe dáhùn lẹ́tà náà ni mo fi ń yìn wọ́n. Wọ́n rán ẹnjiníà kan sí wa ní Ìbàdàn, obìnrin kan tí kò gbèjà ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rárá. Kò tíì gba omi mu tó fi ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ àkáǹtì yìí kúrò.” A jókòó pọ̀, a ṣí àyè tuntun tí a pè ní `ibeere` nínú àkójọ dátà, a kó àwọn fíù sínú rẹ̀, ìyẹn àwọn àtẹ tí a ti ṣà láti ara àtẹ gidi, tí kìkì ohun tí òṣìṣẹ́ nílò sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà la dá àkáǹtì tí kò mọ ibòmíràn:

```sql
CREATE ROLE abeere LOGIN;
GRANT USAGE ON SCHEMA ibeere TO abeere;
GRANT SELECT ON ALL TABLES IN SCHEMA ibeere TO abeere;
ALTER ROLE abeere SET statement_timeout = '15s';
```

Ohun tó mú kí èyí ṣiṣẹ́ ni pé nínú PostgreSQL, àṣẹ ẹni tó ni fíù ni fíù fi ń ka àtẹ gidi, bí a kò bá yí ìyẹn padà. Nítorí náà `abeere` lè ka fíù láìní àṣẹ kankan lórí àtẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ SQL tó fọwọ́ kan àtẹ owó oṣù báyìí, `permission denied`, ìyẹn pé kò ní àṣẹ, ni yóò bá pàdé, bó ti wù kí ẹni tó béèrè fi ọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí a ṣe fíù fún ìpíndọ́gba owó oṣù, kí a sì fi pa ẹgbẹ́ tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó 5 mọ́. Ẹnjiníà náà fi sùúrù ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn kò fi tó. Bí a bá pa ti apoògùn mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ àpapọ̀ owó oṣù gbogbo Òṣogbo àti ti àwọn ẹ̀yà iṣẹ́ yòókù, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìyọkúrò yóò yọ ọ́ síta. A pinnu pé owó oṣù kò ní wọ inú `ibeere` rárá. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ yóò lọ bá ọ́fíìsì ìṣirò owó. Ìpinnu yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tó kù lọ, nítorí ààlà tó rọrùn láti ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ máa ń gbà.

Ìṣẹ́jú àáyá 15 tó wà nínú àṣẹ òkè yẹn wà láti dá ìbéèrè tó bá fẹ́ ka gbogbo ìtàn ọjà wa lẹ́ẹ̀kan dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan, nítorí àkáǹtì kan lè fi àṣẹ yí ìwọ̀n àkókò ti ara rẹ̀ padà. Ohun tó dáàbò bo ọjà títà wa ní tòótọ́ ni pé a darí ẹ̀rọ náà sí ẹ̀dà àkójọ dátà tí kò ṣeé kọ nǹkan sí, lórí sáfà ọ̀tọ̀. Bí ìbéèrè ẹnìkan bá wúwo jù, ẹ̀dà yẹn ni yóò máa falẹ̀, atajà tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kò ní mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan kejì ṣẹlẹ̀, tó sì fi hàn mí pé pípa àṣírí mọ́ nìkan kọ́ ni ààlà. Kí a tó parí gbogbo fíù, a ti gba ẹ̀rọ náà láyè láti so àtẹ ínfọ́ìsì àti àtẹ ìsanwó pọ̀ fúnra rẹ̀. Atajà kan béèrè àwọn tó jẹ wá lówó, orúkọ ilé oògùn kan sì jáde pé ó jẹ 600,000 náírà. Ó lọ síbẹ̀, ó sì béèrè owó lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ti san gbèsè rẹ̀ tán. Ínfọ́ìsì ọkùnrin náà jẹ́ 300,000 náírà, ó sì pín in san lẹ́ẹ̀mẹta, 100,000 ní ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rọ so àtẹ méjèèjì pọ̀, ínfọ́ìsì kan náà fara hàn lórí ìlà mẹ́ta, ọ̀kan fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Ó ro ínfọ́ìsì pọ̀, ó rí 900,000; ó ro ìsanwó pọ̀, ó rí 300,000; ó yọ ọ́, ó ku 600,000. SQL náà kò ní àṣìṣe gírámà kankan, kò sì kọjá àṣẹ rẹ̀. Ìtìjú ni fún wa, mo sì fúnra mi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá náà.

Ohun tí a fi tún un ṣe ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe so àtẹ owó pọ̀ mọ́ rárá. A ti ro ìsanwó ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀:

```sql
CREATE VIEW ibeere.gbese AS
SELECT i.id, i.eka, i.iye,
       i.iye - COALESCE(s.san, 0) AS ku
FROM infoisi i
LEFT JOIN (SELECT infoisi_id, SUM(iye) AS san
           FROM isanwo GROUP BY infoisi_id) s
  ON s.infoisi_id = i.id;
GRANT SELECT ON ibeere.gbese TO abeere;
```

Ẹnikẹ́ni lè dá irú àṣìṣe yìí mọ̀ bó bá mọ ohun tó ń wá: kí ó mú oníbàárà kan tó ti pín owó san, kí ó sì fi ìdáhùn ẹ̀rọ wé ìwé rẹ̀. A ní àkójọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ báyìí, tí akáǹtáǹtì wa ti fọwọ́ ṣírò ìdáhùn wọn, a sì máa ń bi ẹ̀rọ náà ní gbogbo wọn nígbàkígbà tí olùtà bá yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Mo yìn ẹ̀rọ náà fún ohun kan níhìn-ín: ó máa ń kọ sókè ìdáhùn, ní gbólóhùn tó yé atajà, ohun tó rò pé wọ́n béèrè àti fíù tó kà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni atajà kan fi rí i pé “oṣù tó kọjá” tí òun béèrè, ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn ni ẹ̀rọ kà á sí.

Ẹ̀sùn tí mo ṣì ní sí wọn kò kéré. Àkáǹtì kan ni ẹ̀rọ yìí ń lò fún gbogbo òṣìṣẹ́, nítorí náà àkójọ dátà kò mọ̀ bóyá Abẹ́òkúta ló ń béèrè tàbí Òṣogbo. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi orúkọ ẹ̀ka sínú ìbéèrè fúnra rẹ̀. Mo kọ̀, nítorí ìtọ́ni ẹnu la tún ń padà sí yẹn. A ní láti dá àkáǹtì fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù ní fíù tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ń gba owó ìsopọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí wọn. Owó lórí ohun tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo kà á sí, mo sì ti sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kò tíì pe apoògùn wa láti tọrọ àforíjì títí di òní.

Mo fún ẹ̀rọ náà ní 4 nínú 5. Máníjà ẹ̀ka wa kò dúró dè mí mọ́ kí ó tó mọ oògùn tó fẹ́ tán ní ilé-ìkẹ́rù, èmi náà sì ń lọ sílé lásìkò. Bí wọ́n bá fi àkáǹtì ẹ̀ka sínú owó àkọ́kọ́, tí wọ́n sì jáwọ́ nínú fífi àkáǹtì tó ni àtẹ ṣe ìfisórí fún oníbàárà tuntun, màá fi ẹyọ kan tó kù kún un.