Táàpù láti òkè òkun àbí ti inú ọjà: ẹ wo eyín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Obìnrin kan ra táàpù ilé ìdáná láti Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ 3/8 sí ẹnu họ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n kọ 3/8 sí fáàfù tó wà lára ògiri náà. Síbẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ dè é, nọ́tì họ́ọ̀sì kọ̀, kò gun orí fáàfù rárá. Mo fi kálípà wọn ẹnu fáàfù: mìlímítà 16.7, eyín 19 nínú íǹṣì kan. Ẹnu tí nọ́tì Amẹ́ríkà yẹn ń wá kò ju bíi mìlímítà 14.3 lọ, eyín rẹ̀ sì jẹ́ 24. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Orúkọ páìpù ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n irin tí ẹ dì mú. Ẹ wọn ìta eyín tí wọ́n pè ní 1/2, ẹ ó rí i pé ó tó mìlímítà 21.

Ti 1/2 ló léwu jù, torí pé kì í kọ̀ bíi ti 3/8. BSP, irú eyín ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (wọ́n sábà máa ń kọ G tàbí R sí i), àti NPT, irú eyín ti Amẹ́ríkà, jọ ní eyín 14 nínú íǹṣì kan, nítorí náà ọ̀kan á wọ inú èkejì, ọwọ́ yín á sì sọ pé ó bá a mu. Ṣùgbọ́n igun eyín BSP jẹ́ dígírì 55, ti NPT jẹ́ dígírì 60. Omi á máa jò níbẹ̀, bí ẹ bá sì fi sípánà fún un jù, idẹ lè là. Ibi tí rọ́bà wọ́ṣà pẹlẹbẹ ti ń dí omi, bíi họ́ọ̀sì ṣáwà, ló sábà máa ń gba méjèèjì láìsí wàhálà.

Lọ́dọ̀ oníṣòwò ọjà, ẹ mú nọ́tì tàbí họ́ọ̀sì àtijọ́ yín dání. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí i wọlé: ó yẹ kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ tó yíyí mẹ́rin, kó má mì, kó má sì há. Bí ó bá há ní yíyí kejì, ẹ dá a padà, ohun yòówù kí oníṣòwò sọ.

Láti òkè òkun, kò sí ohun tí ẹ máa dì mú, àwòrán oníwọ̀n ló máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ béèrè orúkọ eyín gangan, ìwọ̀n ìta rẹ̀ ní mìlímítà, àti fífẹ̀ ihò tí táàpù ń fẹ́. Mìlímítà 35 wọ́pọ̀ fún táàpù oníhò kan. Ẹni tó bá dáhùn pé “ó bá gbogbo ilé mu” kò tíì dáhùn. Ní tèmi, mi ò ní sanwó fún un.

Ẹ béèrè bóyá họ́ọ̀sì rẹ̀ ṣeé tú kúrò. Ti obìnrin yẹn kò ṣeé tú, nítorí náà irin ìsopọ̀ olójú méjì la wá: ojú kan gba G3/8 ti fáàfù, ojú kejì ní eyín 24 fún nọ́tì họ́ọ̀sì.