Ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́rọ́ kan ní Tákíè: wọ́n ní fọ́tò ti tó

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ mi ń yí lásán, kò ti nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù kan ní agbègbè Tákíè, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, mo sì fi í ránṣẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló dá mi lóhùn: "Mọ́mì, mọ́tìsì ni. Odidi rẹ̀ lẹ máa rà."

Ó gbé e wá. Kọ́kọ́rọ́ tó bá a wá gùn, ọrùn rẹ̀ róbótó, gbogbo eyín rẹ̀ wà lórí irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo lẹ́nu. Kọ́kọ́rọ́ tèmi rèé lọ́wọ́ mi: kúkúrú, pẹlẹbẹ, eyín tò sí etí kan. Mo fi hàn án. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá rì sínú pákó, mọ́tìsì ni.

Ohun tó ṣì í lọ́nà nìyẹn. Àpótí irin wà nínú pákó mi lóòótọ́, àmọ́ sìlíńdà, ìyẹn irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ inú rẹ̀, ni wọ́n kì bọ àpótí náà. Ojú ihò ni kéèyàn wò nínú fọ́tò. Ihò mọ́tìsì tó ń lo kọ́kọ́rọ́ gígùn máa ń ṣófo, orí rẹ̀ á róbótó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Ti sìlíńdà kò ṣófo: irin ló kún un, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí wọ́gọwọ̀gọ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbà wọlé. Bí ìlà náà bá fẹ̀ tó sì tọ́, ó sábà máa ń jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí ojú rẹ̀ ní kòtò kéékèèké dípò eyín.

Mo bá pe ọ̀gá wọn. Kò bá mi jiyàn rárá. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ ya etí ilẹ̀kùn fún mi, kí ẹ sì gbé rúlà tì í." Ó fi súkúrù tó wà létí ibẹ̀ hàn mí, tó wà ní déédéé ihò kọ́kọ́rọ́: òun ló di sìlíńdà mú. Láti àárín súkúrù náà la ti wọn apá méjèèjì, 35 mílímítà síta, 35 sínú. Ó ní kí n má kàn sọ pé 70, torí 30 àti 40 náà ń jẹ́ 70, kò sì ní bá ilẹ̀kùn mi mu.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó tú súkúrù, ó ki kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i díẹ̀ kí ahọ́n sìlíńdà lè fara pamọ́, ó sì fà á yọ. Ó tún fi súkúrúdíráfà yí inú àpótí náà; irin tó ń ti ilẹ̀kùn jáde, ó sì padà wọlé. "Ẹ rí i? Àpótí ò ṣe nǹkan kan." Sìlíńdà nìkan ni mo rà. Inú mi dùn dọ́ba!

Ó tún wo fọ́tò àgádágodo géètì mi. Ara rẹ̀ àti irin kọrọdọ orí rẹ̀ nìkan ló hàn, ó ní kí n gbé ìdí rẹ̀ sókè, ibẹ̀ ni ihò wà. Kọ́kọ́rọ́ kékeré eléyín ló ń lò. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé fọ́tò àgádágodo lè sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó ń lò, àmọ́ kò lè sọ bí eyín rẹ̀ ṣe jìn tó. Kí n mú èyí tó ṣẹ́kù wá kó tó lè gé òmíràn.

Àmọ́ owó ọ̀kadà tí ọmọ yẹn fi gbé ohun tí n ò nílò wá, ọwọ́ mi ni wọ́n ti gbà á, wọn ò sì dá a padà. Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá ti ra sìlíńdà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.